Ta Là Ń Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa bi mí ní sẹminá ọjọ́ yẹn, mo sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Ìwé tí mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni A Man of the People, ìwé ìtàn àròsọ kẹrin tí Chinua Achebe kọ, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1966. Mo ti ka díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ sí etí kíláàsì, gbogbo wa ti rẹ́rìn-ín títí, ni olùkọ́ wa bá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ta ni ìwé yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo ní, "Mínísítà Nanga ni, mà." Wọ́n wò mí díẹ̀. "Òun nìkan? Lọ tún un kà. Kí o kíyè sí ẹni tó ń sọ ìtàn náà fún ẹ."

Ilé ni mo lọ tún un kà. Ilé wa wà ní Odòde, ní Ìdànrè, níbi tí òkè ti yí ilé ká débi pé tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, àpáta ló kọ́kọ́ máa ń gbé e mì. Àsìkò tí bàbá mi ń sá kòkó ni. Mo jókòó sí ẹ̀bá kòkó náà, mo ń lé ewúrẹ́, mo ń ka ìwé. Nígbà tí mo máa fi parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín tí mo rín ní kíláàsì ti ń kan mí lẹ́nu bí orógbó. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ níbí, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì kà á. Orílẹ̀-èdè kan wà tí Achebe kò dárúkọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Nanga jẹ́ tísà tẹ́lẹ̀, ó wá di Mínísítà fún Àṣà. Odili, tí Nanga kọ́ níwèé nígbà kan, ti di tísà ní iléèwé girama ní Anata, ìlú Nanga. Odili yìí ló ń sọ ìtàn. Mínísítà wá kí wọn ní iléèwé, ó rí Odili, ó ní kó wá lo ìsinmi ní ilé òun ní Bori, olú-ìlú, kí òun lè bá a wá sikọ́láṣíìpù lọ sí òkè òkun. Odili lọ. Ní ilé yẹn ni Nanga ti gba Elsie, ọ̀rẹ́bìnrin Odili, mọ́ ọn lọ́wọ́. Odili fi ìbínú jáde, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Max da ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀, ó ní òun máa bá Nanga du ipò, òun sì máa gba Edna, ọmọbìnrin tí Nanga fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì. Ìbò náà di ìjà, wọ́n lu Odili dójú ikú, wọ́n fi ọkọ̀ pa Max, àwọn ológun sì gba ìjọba.

Tí ẹ bá ka ìtàn yẹn báyìí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ọ̀bàyéjẹ́ kan wà, ọmọlúàbí kan ń bá a jà, àwa sì wà lẹ́yìn ọmọlúàbí. Ohun tí èmi náà kọ fún sẹminá nìyẹn. Mo ka gbogbo ibi tí Nanga ti sọ òyìnbó ńlá ńlá, tó ti ń fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé láti òkè òkun, tó ti ń ṣe bí ẹni pé òun àti mẹ̀kúnnù jọ ń jẹ nínú àwo kan náà. Mo to wọn jọ, mo ní ẹ̀fẹ̀ nìyí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Títo ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín jọ kì í ṣe títú ẹ̀fẹ̀ palẹ̀. Àwàdà lásán máa ń pa ni lẹ́rìn-ín, ó tán. Èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní sátáyà, tí èmi yóò máa pè ní ẹ̀fẹ̀ ìbáwí, ní nǹkan mẹ́ta nínú: ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìlànà tí ẹni náà rú, àti àwùjọ tó gba ìlànà náà gbọ́ tí wọ́n fi lè rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, ẹ̀fẹ̀ náà kò lè báni wí.

Àwa Yorùbá kò ní kí òyìnbó kọ́ wa ní èyí. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu àti Yewa. Lóru, kí àwọn egúngún ọ̀sán tó jáde, Ẹ̀fẹ̀ á bọ́ sí agbo, á máa fi orin bú ẹni tó ṣe ohun tí kò tọ́ nínú ìlú. Ẹni tí wọ́n ń bú lè wà níbẹ̀, kò sì ní lè bínú jà. Ìdí tí orin yẹn fi ń dun ẹlẹ́ṣẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó dúró sí agbo mọ̀ pé ohun tó ṣe kò dára, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ìtìjú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: tí idà méjì nínú mẹ́ta agbo bá ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Ká ní èmi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ṣe," kí ni orin Ẹ̀fẹ̀ á di? Á di ijó lásán.

Ibi tí ìwé Achebe ti le nìyẹn. Ó gbé ìran méjì kalẹ̀ fún wa, ọ̀kan níbi tí ìtìjú ti ṣiṣẹ́, ọ̀kan níbi tí kò ti ṣiṣẹ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí àwa fúnra wa gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìran àkọ́kọ́ ni ti Josiah. Josiah ní ṣọ́ọ̀bù ní Anata. Ní ọjọ́ kan, ó pe Azoge, alágbe tó fọ́jú, ó fún un ní oúnjẹ àti ẹmu. Bí afọ́jú ti ń jẹun, Josiah jí ọ̀pá rẹ̀, ó fi òmíràn tó jọ ọ́ rọ́pò. Àwọn ará ìlú gbà pé ó fẹ́ fi ṣoògùn tí yóò fọ́ àwọn oníbàárà lójú, kí wọ́n lè máa ra ohunkóhun tó bá tà. Ṣùgbọ́n afọ́jú tí kò mọ ọ̀pá ara rẹ̀, kí ló tún kù tó mọ̀? Azoge na ọwọ́, ó bá ọ̀pá tuntun, ó ké gbàjarè. Kò sí ọlọ́pàá tó dá sí i, kò sí adájọ́. Àwọn ará ìlú kàn dẹ́kun láti máa ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Josiah ti wọko gbèsè. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ti mú nǹkan kúrò débi tí olóhun fi mọ̀.

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú: débi tí olóhun fi mọ̀. Wọn kò sọ pé olè kò dára rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ohun tí Josiah mú ní olóhun, olóhun náà sì ní ojú lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afọ́jú ni.

Ìran kejì ni ti Nanga, gbogbo ìwé náà sì ni. Àwọn ará Anata kan náà, tí wọ́n fi ìyà jẹ Josiah nítorí ọ̀pá kan, mọ̀ pé Nanga ń kó owó ìlú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n ń jó fún un, àwọn ọdẹ ń yìnbọn fún un. Tí Odili bá ní olè ni ọkùnrin yìí, wọ́n á wò ó bí ọmọ tí kò tíì mọ ayé. Wọ́n ní ṣé ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́ran jẹ ló máa tu ú dà nù? Ẹ jẹ́ kó jẹ, ọmọ wa ni. Bí kò bá jẹ ẹ́, ará ìlú mìíràn á jẹ ẹ́.

Kí ló fà á tí ọ̀pá afọ́jú fi wúwo ju owó orílẹ̀-èdè lọ? Odili fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní ìparí ìtàn. Ó ní ní ti Josiah, abúlé ni olóhun, abúlé sì ní ọkàn tó lè fi kọ ohun tí kò tọ́. Ní ti orílẹ̀-èdè, kò sí olóhun. Orílẹ̀-èdè jẹ́ nǹkan tí àjèjì gbé kalẹ̀, owó rẹ̀ kò jáde láti inú àpò ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ẹ kò rí i pé òwe wa gan-an nìyẹn? A máa ń sọ pé kò sí ẹni tí í ṣiṣẹ́ ìjọba kó làágùn. Òwe yẹn ń pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rí ni pé a kò gbà pé ìjọba jẹ́ tiwa.

Nítorí náà, nígbà tí Achebe ń fi Nanga ṣe yẹ̀yẹ́, ta ló wà ní agbo tó máa bá a rẹ́rìn-ín ìbáwí? Àwọn ará Anata ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Nanga ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì ń pa àwa òǹkàwé náà. Ọkùnrin náà dùn bí oyin. Ó mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, ó ń rántí ẹni, ó ń fi pijin ṣàwàdà. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè kórìíra rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Mo rò pé Achebe mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀bàyéjẹ́ bá burú lójú, kò sí ẹni tó máa dìbò fún un.

Àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ìran kọfí ṣe àpẹẹrẹ, èmi náà máa lò ó, torí ó fi hàn bí a ṣe lè ka ẹ̀fẹ̀ ìbáwí ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nanga mú Odili lọ sílé Koko, mínísítà mìíràn. Koko mu kọfí, ó fò sókè, ó ní wọ́n ti fún òun ní májèlé jẹ. Ilé dàrú. Wọ́n wọ́ kúùkù wá, kúùkù ń wárìrì. Kúùkù fẹnu ara rẹ̀ mu kọfí náà níwájú gbogbo wọn láti fi hàn pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kọfí òkè òkun tí Koko máa ń mu ló tán, kúùkù sì se kọfí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè náà fún un. Lásìkò yẹn, ìjọba Koko fúnra rẹ̀ ló ń pariwo káàkiri pé kí gbogbo ará ìlú máa ra ohun tí a ṣe nílé.

Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́: kí ló pa wá lẹ́rìn-ín? Ìbẹ̀rù àgbàlagbà nítorí ife kọfí. Ẹsẹ̀ kejì: ìlànà wo ló rú? Ohun tó ń wàásù fún ìlú, kò lè gbé e mì. Ẹsẹ̀ kẹta ni mo fò dá ní kíláàsì: ta ló ń sọ fún wa, níbo ló sì dúró? Odili ló ń sọ ọ́. Níbo ló wà? Nínú ilé mínísítà, lórí àga mínísítà, àlejò mínísítà mìíràn ni, ó ń dúró de sikọ́láṣíìpù. Ó ń fi Koko rẹ́rìn-ín láti inú tábìlì tí òun náà ti ń jẹun.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wo Odili báyìí, gbogbo ìwé náà yí padà lójú mi. Ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ àkọ́kọ́. Odili dúró láàárín èrò ní ọgbà iléèwé, ó ń kẹ́gàn àwọn tó ń jó fún mínísítà, ó ní òpè ni wọ́n. Nanga rí i, ó rántí orúkọ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Lójú ẹsẹ̀, Odili di ẹni pàtàkì níwájú àwọn tísà ẹgbẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀gàn fi yọ́. Nígbà tó dé Bori, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá nínú yàrá àlejò, ó sì jẹ́wọ́ fún wa pé bí wọ́n bá fi òun ṣe mínísítà ní àkókò yẹn, òun á fẹ́ wà níbẹ̀ títí láé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Òótọ́ ni.

Kí ló wá sọ ọ́ di alátakò? Ṣé owó ìlú tí Nanga kó ni? Rárá o. Ó ti mọ̀ nípa owó yẹn tipẹ́, ó sì ń jẹ nínú rẹ̀. Elsie ni. Ọkùnrin tí wọ́n gba obìnrin mọ́ lọ́wọ́ ló wọ aṣọ ajìjàgbara. N kò sọ pé ohun tó ń sọ nínú ìpolongo irọ́ ni. Òótọ́ ni, ó tilẹ̀ kọ̀ nígbà tí Nanga fi pọ́n-ùn 250 àti sikọ́láṣíìpù lọ̀ ọ́ pé kó jáwọ́. Ìgboyà gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Max, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, gba pọ́n-ùn 1,000 lọ́wọ́ Koko, ó fi ra bọ́ọ̀sì kékeré fún ìpolongo, ó ní ìwé tí òun fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Odili bínú sí i. Inú èmi náà dùn pé ó bínú. Mo ní, ó kéré tán, ẹnì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ológun ti gba ìjọba, wọ́n ti mú Nanga níbi tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ, tó múra bí apẹja. Edna ti gbà láti fẹ́ Odili. Ó wá ku owó tí Nanga ti san lórí rẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà. Níbo ni Odili ti fẹ́ rí owó náà? Ó ní òun ti pinnu nínú ọkàn òun láti yá a nínú owó ẹgbẹ́ òṣèlú wọn tó ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kò ní lo owó náà mọ́ báyìí, ìjọba ológun ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú.

Gbólóhùn bíi méjì péré ni. Kò sí ìlù, kò sí ariwo. Mo ti ka ibẹ̀ kọjá nígbà àkọ́kọ́ láìfura, torí inú mi ń dùn pé ó rí ìyàwó fẹ́. Owó tí àwọn ènìyàn dá kí wọ́n lè gba ìlú lọ́wọ́ olè, òun ni ẹni tó kù fẹ́ fi san owó orí ìyàwó. Ó "yá" a ni, kò jí i. Max tó lè bi í léèrè ti kú. Kò sí olóhun tó máa mọ̀. Ọgbọ́n orí Nanga gan-an nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ẹni tí a fẹ́ràn ló ti jáde.

Àwọn kan máa ní mo le jù, pé owó díẹ̀ ni, pé Odili ti jìyà, wọ́n sì ti fọ́ ọ lórí. Mo gbà pé ìyà jẹ ẹ́, mo sì gbà pé Odili kì í ṣe Nanga. Ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó sọ ìlú di oko tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ nínú iṣẹ́ sẹminá pé ọ̀kan náà ni wọ́n ti ṣìnà bíi ti ẹni tó ní Odili mọ́ pátápátá. Ohun tí Achebe ń fi hàn ni bí ọ̀nà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun fẹ́ di Nanga. Tísà ni Nanga náà nígbà kan, àwọn ọmọ iléèwé sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìtàn tó yí ìwé náà ká, torí òun ló ń mú ká ṣì í kà. Ìwé náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 1966, nínú oṣù yẹn kan náà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ni àwọn ológun gba ìjọba ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwé tó fi ìfipágbàjọba parí, ìfipágbàjọba sì dé! Àwọn kan tilẹ̀ fura sí Achebe pé ó ní láti mọ̀ nípa rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń pe ìwé náà ní àsọtẹ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, bíi pé ìfipágbàjọba yẹn ni ìdáhùn rẹ̀, bíi pé ológun ló wá fi ìyà jẹ olè. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Odili ní kì í ṣe àwọn ará ìlú ló lé ìjọba lọ. Jàǹdùkú tí àwọn òṣèlú kó jọ ló dá rúgúdù sílẹ̀, tí kò ṣeé dá dúró mọ́, ológun sì rí àyè wọlé. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó ń jó fún Nanga tẹ́lẹ̀ ló ń bú u jù. Nígbà tí ẹkùn bá ti ṣubú, gbogbo ajá ló ní ẹnu gbígbó. Ẹ̀rín tí a rín lẹ́yìn tí ọ̀bàyéjẹ́ ti ṣubú kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹnì kan wà nínú ìwé náà tí ohun tó tọ́ ná ní nǹkan gidi, ẹni tí a kò retí sì ni: bàbá Odili. Ògbufọ̀ ni ọkùnrin yìí nígbà ìjọba òyìnbó, ó lówó nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá fún un kó lè bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, òun sì ni alága ẹgbẹ́ Nanga ní abúlé rẹ̀. Nígbà tí Odili ń du ipò, ìjọba dá owó orí tuntun lé bàbá náà lórí. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé kan láti kọ ọ̀nà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó lè bọ́. Ó kọ̀. Abúlé náà ní ìyà tirẹ̀. Wọ́n ti kó páìpù omi wá fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n tún kó o lọ. Nígbà tí àwọn ará abúlé ránṣẹ́ sí Nanga pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀, páìpù padà dé. Ẹ wò ó: ọkùnrin tó jẹ nínú ìwà ìbàjẹ́ títí tó fi dàgbà ló dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ tó kàwé ló ń ṣírò owó ẹgbẹ́. Tí Achebe bá fẹ́ kí a pín ayé sí ẹni rere àti ẹni búburú kí a lè rẹ́rìn-ín tán ká lọ sùn, kò ní kọ bàbá yẹn sínú ìwé.

Ibi páìpù yẹn ni mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀ tí mo wo kòkó bàbá mi fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọdún tí mo wọ yunifásítì, kòkó kò ṣe dáadáa fún wa. Ẹnì kan tó ń du ipò pín owó fún àwọn ọmọ ìlú tó wà ní iléèwé gíga. Mo tò sórí ìlà, mo gba àpò ìwé mi, wọ́n ya fọ́tò mi. A kò bi í níbo ló ti rí owó náà. Nínú owó yẹn ni mo ti ra ìwé Achebe tó wà lọ́wọ́ mi. Nínú owó yẹn kan náà ni mo ti ra dátà tí mo fi ń wo fídíò tí wọ́n ti ń sín òyìnbó ọkùnrin yẹn jẹ, tí mo fi ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín dákú. Mo rò pé bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo ti yọ ara mi kúrò. Bí Odili ṣe rò náà nìyẹn lórí àga Koko.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò yẹ ká ti kọ owó yẹn?" Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó. Wọ́n ní, "Tí o bá kọ̀ ọ́, ta ló máa san owó iléèwé ẹ? Ẹni tó kọ̀ ọ́ kò gbé e padà sílé ìjọba." N kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Àmọ́ mi ò ní kí o máa kí i ní ọmọlúàbí."

N kò ní dá bàbá mi lẹ́bi, torí kì í ṣe àwọn ló ṣe é tí òtítọ́ fi wọ́n. Síbẹ̀ òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo ti máa ń rò pé òwe yẹn le jù, pé báwo ni agbàpàkó ṣe lè burú ju olè lọ. Ìwé yìí ló jẹ́ kó yé mi. Ẹni tó wà lókè àjà kò lè dá sọ ẹpo náà kalẹ̀. Nanga nílò àwọn ọdẹ tó ń yìnbọn, àwọn obìnrin tó ń jó, tísà tó gba yàrá àlejò, akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sórí ìlà. Àwọn ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ló sọ jíjí di ohun tó ṣeé ṣe.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín ọ̀bàyéjẹ́? Ìbéèrè tí mo gbé padà sí sẹminá nìyẹn, ó sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí kálukú kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ rẹ̀. N kò gbà. Tó bá jẹ́ pé ẹni mímọ́ nìkan ló lè sọ̀rọ̀, Nanga á sùn fọnfọn títí ayé, torí kò ní sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ pé, "Ṣé ìwọ náà kò jẹ níbẹ̀?" Ohun tó ń dá alátakò lẹ́nu dúró nìyẹn. Kí á sọ̀rọ̀ ló dára, ṣùgbọ́n kí á ka ara wa mọ́ ọn. Oríṣi ẹ̀rín méjì ló wà. Ọ̀kan ń sọ pé, "Ẹ wo òpònú yìí." Èkejì ń sọ pé, "Ẹ wo ohun tí à ń ṣe." Ti àkọ́kọ́ ni mo rín ní kíláàsì. Achebe fi í tàn mí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Bí mo ṣe tún iṣẹ́ mi kọ nìyẹn. Mo yọ gbogbo ibi tí mo ti kàn ń tún ìtàn sọ. Mo mú ìran mẹ́ta péré, ọ̀pá Azoge, kọfí Koko, àti owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Odili. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bi pé: ohun tí wọ́n mú yìí, ta ni olóhun? Ta ló mọ̀? Ta ló ń rẹ́rìn-ín, níbo ló sì jókòó sí? Mo kíyè sára kí n má ṣe pe ohùn Odili ní ohùn Achebe, torí gbogbo ìgbà tí Odili bá ń dá àwọn ará abúlé lẹ́jọ́, Achebe wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó.

Nígbà tí mo kà á tán, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa tún bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn: "Ta ni ìwé yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo ní, "Ẹni tó mú ìwé náà dání ni, mà."

Wọ́n ní kí n jókòó. Ìwé náà wà níwájú mi lórí tábìlì. Mo mọ owó tí mo fi rà á.